Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́: ìgbà wo lèwo, kí ló sì yẹ ká fi dáhùn?

Àbíkẹ́_Pẹ́kámù

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Yorùbá làwọn òbí mi ń sọ nílé, mo sì ń kà á, mo ń kọ ọ́. Lóṣù Kejìlá, èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ ní Mọ́lété la máa dé sí. A ti ṣègbéyàwó o, ṣùgbọ́n mi ò tíì bá wọn gbé lábẹ́ òrùlé kan náà rí.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Ìkíní, ìgbà wo gan-an ni ẹ káàárọ̀ ń di ẹ káàsán, tí ẹ káàsán ń di ẹ kúùrọ̀lẹ́? Ìkejì ló jẹ mí lógún jù. Kíkí gan-an ò ṣòro, ohun tó ń tẹ̀ lé e ló le. Bí mo bá pe màmá ọkọ mi lórí fóònù, tí mo ti kí wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: ṣé dáadáa lẹ jí, ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ará ilé yín ńkọ́. Èmi á ní "a dúpẹ́ mà", màá tún ní "a dúpẹ́ mà", ó dẹ̀ tán nìyẹn. Ibẹ̀ á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tá a bá jọ wà nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé tiyín, kì í ṣe bí ìwé ṣe kọ ọ́.

Ọmọ_Ṣágámù

Àbíkẹ́, ó rọrùn. Àárọ̀ parí ní aago 12. Ọ̀sán parí ní aago 4. Ìrọ̀lẹ́ parí ní aago 7. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ káalẹ́ ni títí wọ́n á fi lọ sùn. Ṣáà máa wo aago ọwọ́ ẹ, o ò ní ṣì í. Ní ti ìdáhùn, a dúpẹ́ náà ni. Kò sẹ́ni tó ń retí ju ìyẹn lọ lẹ́nu ọmọdé.

Màmá_Òkè_Àdó

Ọmọ Ṣágámù, o kú làákàyè. Aago tó o kà yẹn sún mọ́ ọn dáadáa, èmi náà á sì fi kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí Àbíkẹ́ bá dé Mọ́lété tó ń wo aago kó tó kí èèyàn, wọ́n á mọ̀ pé aago ló ń wò.

Ojú ọjọ́ là ń wò. Bí ilẹ̀ ò bá tíì mọ́ tán, tí ẹ pàdé lójú ọ̀nà kànga tàbí ẹ fẹ́ tètè jáde lọ wọkọ̀, ẹ kú ìdájí ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ káàárọ̀ ti dé, kò sì ní kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Títí di ìyálẹ̀ta, nígbà tí oòrùn ti mú díẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà ti pàtẹ tán, ẹ káàárọ̀ ṣì ni. Ọ̀sán ni tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí. Lágbo ilé wa, ìrun làwọn àgbà fi ń mọ èyí tó kù: bí wọ́n bá ti pe ìrun alásárì, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹnu wọn á yí sí ẹ kúùrọ̀lẹ́. Onígbàgbọ́ ni mí, ìrun yẹn lèmi náà fi ń mọ̀ ọ́n. Alẹ́ sì dé nígbà tí o ò bá lè dá ojú ẹni tó ń bọ̀ mọ̀ láìsí iná. Nílé wa níbí, ìyẹn ò jìnnà sí aago 7 láti ọdún dé ọdún, torí oòrùn wa kì í pẹ́ wọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í tètè wọ̀ púpọ̀.

Bí o bá ṣì í ńkọ́? Kò sí ìjà. Ká ní o kí màmá ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, o ní "ẹ káàárọ̀ mà". Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ti tó lójú wọn, wọn ò ní bá ẹ wí, wọ́n á kàn dáhùn pé "káàsán o, Àbíkẹ́". Ìdáhùn yẹn ló ń tún un ṣe. Kó o yáa gbà á lẹ́nu wọn: "ẹ káàsán mà", kó o máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró tó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò wo aago ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Mo máa padà wá sórí ìdáhùn, mo fẹ́ lọ yọ ìkòkò lórí iná.

Dírẹ́bà_Hiúsítọ̀nù

Ẹ gbà mí lórí tèmi náà, ẹ jọ̀ọ́. Òru ni mo fi ń wakọ̀. Bí mo bá ṣíwọ́ láago 6 àárọ̀, ìgbà yẹn ni mo máa ń pe bàbá mi ní Ìlọrin. Lóṣù Kejìlá, aago 1 ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá di oṣù Kẹrin, tí wọ́n ti yí aago níbí, a jẹ́ pé aago 12 ni, nítorí ti Nàìjíríà kì í yí. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojúmọ́, àwọn ti jẹun ọ̀sán. Ta ni kí n wò, èmi tí mò ń pè àbí àwọn tí mò ń pè?

Ọmọ_Ṣágámù

Ẹ̀yin lẹ pè, ẹ káàárọ̀ lẹ máa sọ. Ibi tí ẹsẹ̀ yín bá wà ni.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Rárá o. Ẹni tí à ń kí là ń kí. Bí mo bá lọ sílé ẹnì kan, ojú ọjọ́ ilé ẹ̀ ni mo fi ń kí i. Fóònù náà, àlejò lẹ jẹ́ létí wọn. "Ẹ káàsán sà" ni kẹ́ ẹ sọ fún bàbá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáhùn, ẹ lè wá fi kún un pé àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiyín. Àwọn náà á wá kí yín ní ti àárọ̀: "o jíire o". Ọmọkùnrin mi kan wà ní Kánádà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ń dùn mọ́ mi tí mo bá kí i ní ìkíni àárọ̀ nígbà tí èmi ń múra oúnjẹ alẹ́.

Èyí tó ń yọ mí lẹ́nu ni ti Wasáàpù. Ẹ á fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀, ẹni náà ò ní gbọ́ ọ títí di alẹ́. Ẹ kú déédéé ìwòyí lèmi ń sọ níbẹ̀. Bí àwọn orí rédíò ṣe máa ń kí wa náà nìyẹn, torí wọn ò mọ ìgbà tí oníkálukú ń gbọ́ wọn. Kò sí ìgbà tẹ́ni náà gbọ́ ọ tí kò ní bá a mu.

Alàgbà_Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Àfikún tèmi ni pé ẹ má gbàgbé ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọdún. Gbogbo nǹkan la ní ìkíni fún nílẹ̀ Yorùbá. Ó pọ̀ débi pé àwọn ará wa tí wọ́n balẹ̀ sí Sàró láyé àtijọ́, Ákù ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí ẹ kú, ẹ kú tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá ń ṣe òpò, tó ń ṣe ìsìnkú, tó ń kọ́ ilé, a ní ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Màá kọ wọ́n síbí tó bá yá.

Kọ́lá_Mushin

Bàbá, ẹ káàsán sà. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n àǹtí wa ń bèèrè ti àárọ̀ àti ọ̀sán àti alẹ́ ni.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó bá ìbéèrè wọn mu ṣá. Nínú ilé kan náà, èèyàn kì í kí ẹnì kan ní ẹ káàárọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Tẹ́ ẹ bá ti kí wọn láàárọ̀, tẹ́ ẹ tún pàdé wọn nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀ tàbí tí wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹ kú iṣẹ́ mà ló kàn. Tí wọ́n bá jókòó, ẹ kú ìjókòó mà. Tí wọ́n bá jáde tí wọ́n wọlé, ẹ káàbọ̀ mà. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ tún rí wọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti wà níta látàárọ̀, ẹ kú àtàárọ̀ mà ni mò ń sọ fún landílọ́ọ̀dù wa, inú ẹ̀ máa ń dùn. Ìyẹn ló fi hàn pé mo rántí pé a ti ríra láàárọ̀.

Àbíkẹ́_Pẹ́kámù

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ kú àtàárọ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn òbí mi. Mo ń dúró de Màmá Òkè Àdó lórí ìdáhùn o.

Màmá_Òkè_Àdó

Mo ti dé. Àbíkẹ́, jẹ́ ká mú òwúrọ̀ kan ṣoṣo, ká rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

O jí. Nílé tiwa, a kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kí àgbà láìtíì bọ́jú, láìtíì fi omi yọ ẹnu. Lẹ́yìn náà, o jáde. Màmá wà ní pálọ̀, wọ́n ń ka Bíbélì tàbí wọ́n ń ṣà ẹ̀wà. Má ṣe kí wọn látẹnu ọ̀nà yàrá. Súnmọ́ wọn, kó o kúnlẹ̀, kó o tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ á wá máa lọ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà."
"Káàárọ̀, Àbíkẹ́. Ṣé dáadáa lo jí?"
"A dúpẹ́ mà. Ṣé ẹ̀yin náà jíire mà?"
"A dúpẹ́ o. Ọkọ ẹ ńkọ́?"
"Wọ́n ti jí mà, wọ́n ń wẹ̀ lọ́wọ́."
"Ẹ̀fọn ò da yín láàmú lóru?"
"Rárá mà, a tan fáànù."
"Ó dáa. Dìde, ọmọ mi."
"Ẹ ṣé mà."

Wò ó dáadáa. A dúpẹ́ ìwọ ò ju ẹyọ kan lọ. Ìyẹn ni ibi tó ti ń bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ lórí fóònù: gbogbo ìbéèrè lo ń fi a dúpẹ́ pa. A dúpẹ́ wà fún ara rẹ àti fún jíjí rẹ. Bí wọ́n bá bèèrè ènìyàn, sọ ibi tó wà tàbí ohun tó ń ṣe. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ ńkọ́, sọ nǹkan kékeré kan nípa iṣẹ́: "iṣẹ́ ń lọ mà, ó kàn pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni". Bí wọ́n bá ní àwọn ará ilé yín ńkọ́, ìdáhùn ẹ̀ ni "wọ́n wà mà, wọ́n ń kí yín". Ìdáhùn yẹn nìkan ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn láti sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ. Kò ní dákẹ́ rọ́rọ́ mọ́.

Tún wò ó pé o ti dá ìbéèrè padà lẹ́ẹ̀kan. "Ṣé ẹ̀yin náà jíire mà?" Ó tó. Má wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lé wọn lórí bíi ti ẹgbẹ́ ẹ: ara ńkọ́, oorun ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́. Bó bá jẹ́ pé ara wọn ò yá lánàá, o lè bèèrè èyí nígbà tí ìkíni bá ti parí, kó o pe àìsàn náà ní orúkọ: "ẹsẹ̀ yín ńkọ́ mà, ṣé ó ti dínkù?" Ìyẹn dáa gan-an. Ṣùgbọ́n má sọ fún àgbà pé "báwo ni". Kò sí bí o ṣe fi mà sí i lẹ́yìn tó máa bá etí mu. Ṣé àlàáfíà ni mà, ìyẹn lo máa lò.

O rí i pé mo fi wọ́n pe ọkọ rẹ níwájú ìyá ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìwọ àti ẹ̀ ń pe ara yín ní ìwọ nínú yàrá, kò kàn mí. Nínú pálọ̀ ìyá ẹ̀, wọ́n ni.

Ohun kan tó ń bá àwọn ọmọ tó dàgbà sílùú òyìnbó lójijì ni oríkì. Àbíkẹ́ tó o ń jẹ́ níbí, oríkì ni. Bí o bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí màmá má tíì dáhùn káàárọ̀ rárá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ní Àbíkẹ́, Àbíkẹ́ mi, ọmọ báyìí, ọmọ báyìí. Kò sí ìdáhùn kankan tí wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ nígbà náà. Dúró lórí ìkúnlẹ̀, má dìde, má já ọ̀rọ̀ wọn gbà. Ìgbà tí wọ́n bá parí, wọ́n á wá ní "o jíire bí?" Ìgbà yẹn ni a dúpẹ́ tìrẹ kàn.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Màmá, ẹ ṣé o. Mo fẹ́ bèèrè nǹkan. Bí ara ò bá yá èèyàn ńkọ́? Mo ń bójú tó àwọn aláìsàn, àwọn ìyá àgbà Yorùbá kan wà lọ́dọ̀ wa. Tí mo bá bi wọ́n láàárọ̀ pé ṣé wọ́n jíire, a dúpẹ́ ni wọ́n máa sọ, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fojú kan oorun ní gbogbo òru. Dókítà òyìnbó á gbà pé ara wọn ti le.

Màmá_Òkè_Àdó

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè ńlá nìyẹn. A dúpẹ́ kì í ṣe ìròyìn nípa ara. Ìdáhùn ìkíni ni. Ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀ á kọ́kọ́ sọ ọ́, kó tó sọ tòótọ́. Nítorí náà, má dúró síbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán, kó o wá bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, kó o bèèrè ohun kan pàtó: "ibo ló ń dùn yín lóru?" tàbí "ṣé ẹ rí oorun sùn?" Fetí sí ohùn wọn náà. Ẹni tí ara rẹ̀ le á sọ a dúpẹ́ kíákíá, á sì bi ìwọ náà léèrè. Bí ó bá fà á, tó ní "à ń dúpẹ́ náà ni", tàbí "kò burú, a ò lè sọ pé kò dáa", yáa fà á mọ́ra, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ha! "À ń dúpẹ́ náà ni." Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ ọ́. Màá sọ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Àbíkẹ́, ó ku àwọn àbúrò ọkọ rẹ o. Nílé tiwa, gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí nínú ilé ọkọ kí ìyàwó tó wọlé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. Ẹ káàárọ̀ lo máa sọ fún wọn, o ò sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ wọn. O máa fún wọn ní orúkọ tìrẹ: Bàbá Kékeré, Ìdílẹ̀kẹ̀, Adúmáadán.

Kọ́lá_Mushin

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Ṣé ọmọ ọdún 14 tó wà nílé ìwé ni àǹtí máa kúnlẹ̀ fún?

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Mi ò ní kó kúnlẹ̀. Mo ní kó fi ẹ kí i. Èmi ṣe é, àbúrò ọkọ mi tí mo kí bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, òun ló kọ́kọ́ dúró tì mí nígbà tí nǹkan le.

Màmá_Òkè_Àdó

Bí a ṣe tọ́ wa náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ọmọ tèmi ò ṣe é fún àwọn kékeré, n kò sì bá wọn jà. Ọwọ́ ilé tó o bá wọ̀ ló wà. Àbíkẹ́, bi ọkọ rẹ kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí ò bá mọ̀, kọ́kọ́ fi ẹ kí wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ilé náà ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yẹn fúnra wọn á ní "àǹtí, ẹ má pè mí ní ẹ mọ́". Kò sẹ́ni tó ń bínú pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun jù.

Àbíkẹ́_Pẹ́kámù

Mo ti bi í. Ó ní àbúrò òun obìnrin máa rẹ́rìn-ín tí mo bá ṣe é, ṣùgbọ́n kí n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ti alẹ́ ńkọ́? Ó dàárọ̀ àti ẹ káalẹ́, èwo ni kí n sọ tí mo bá fẹ́ wọlé sùn?

Kọ́lá_Mushin

Ó dàárọ̀ mà. Ẹ káalẹ́ ni tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn lálẹ́, ó dàárọ̀ ni tẹ́ ẹ bá ń lọ. Kódà, tó bá jẹ́ aago 6 ìrọ̀lẹ́ lẹ kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan, tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tún ríra, ó dàárọ̀ ni. Ẹni tó bá ń jáde lọ ra búrẹ́dì lálẹ́, tó ṣì máa padà wá, ó dàbọ̀ nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ìdáhùn ẹ̀ náà kì í ṣe a dúpẹ́ o. Àdúrà ni wọ́n máa fi dá ẹ lóhùn: "ó dàárọ̀ o, ká sùn re", tàbí "Ọlọ́run á jí wa sí ire". Àmín lo máa ṣe sí i, "àmín mà", kó o tó yí ẹ̀yìn padà. Bí ó bá jẹ́ àdúrà mẹ́ta ni wọ́n ṣe, àmín mẹ́ta ni. Má máa fẹ̀yìn rìn lọ sí yàrá nígbà tí àdúrà ò tíì tán.

Dírẹ́bà_Hiúsítọ̀nù

Mo pe bàbá lónìí, mo ní "ẹ káàsán sà". Wọ́n ní "káàsán, Àjàní, àbí kí n ní o jíire?" A sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé o.

Àbíkẹ́_Pẹ́kámù

Mo ní ìbéèrè kan sí i, ti ibí ni o. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago 4 tó lù. Lóṣù Kẹfà, ó máa ń kọjá aago 9 alẹ́ kó tó wọ̀. Màmá Òkè Àdó ní ojú ọjọ́ là ń wò. Tí mo bá pàdé àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní aago 4 ààbọ̀ lóṣù Kejìlá, tí ilẹ̀ ti ṣú pátápátá, ṣé ẹ káalẹ́ ni?

Màmá_Òkè_Àdó

Ọmọ mi, oòrùn ilé wa kì í ṣe báyẹn, a ò ní ìdí láti rò ó. Lójú tèmi, bí o ò bá lè dá ojú wọn mọ̀ láìsí iná, alẹ́ ti lẹ́. Ẹ káalẹ́.

Ọmọ_Ṣágámù

Ẹ wò ó bó ṣe padà sórí aago! Ìrọ̀lẹ́ ni aago 4 ààbọ̀. Ẹ kúùrọ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Lọ́dọ̀ wa níbí, mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ sí ìlú yìí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ń sọ ẹ káalẹ́ torí òkùnkùn. Àwọn tó ti lo ọdún púpọ̀ ń sọ ẹ kúùrọ̀lẹ́ torí pé iṣẹ́ ò tíì parí, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ìwé bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà, láago 8 alẹ́ tí oòrùn ṣì wà lókè, mi ò tíì gbọ́ ẹnì kankan tó sọ ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ẹ káalẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Nọ́ọ̀sì, a jẹ́ pé òkùnkùn nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Àbí kí lẹ rò, Màmá?

Màmá_Òkè_Àdó

Mo ń rò ó. Màá bi àbúrò mi tó wà ní Mansẹ́sítà, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Àbíkẹ́, títí dìgbà náà, jẹ́ káwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn dá ẹ lóhùn, kó o gbọ́ èyí tí wọ́n máa lò.